RSA tàbí Ed25519: irú kọ́kọ́rọ́ tó yẹ fún sáfà

Ètò tí àwọn alábòójútó sáfà fi ń wọ orí kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni `ssh`. Ọ̀rọ̀ aṣínà lè mú ni wọlé, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù, àṣẹ `ssh-keygen` ló sì ń ṣe é. Bí ẹni tó tẹ àṣẹ náà kò bá sọ irú kọ́kọ́rọ́ tó fẹ́, ètò náà á bá a yàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, RSA ni OpenSSH máa ń yàn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, OpenSSH yìí ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn sáfà. Nígbà tí ẹ̀dà 9.5 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó pa RSA tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan Ed25519, èyí tó jẹ́ ti ìdílé ìlà títẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní ẹlípítíìkì. Látìgbà náà, èèyàn méjì lè tẹ àṣẹ kan náà lórí ẹ̀rọ méjì, kí kọ́kọ́rọ́ tí wọn yóò rí má jọra rárá.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni ìwọ̀n wọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ ṣàpèjúwe kọ́kọ́rọ́ méjèèjì yóò rí nǹkan báyìí, bí a bá gé àárín ìlà kúrò:

```
$ ssh-keygen -l -f ~/.ssh/id_rsa.pub
3072 SHA256:... (RSA)
$ ssh-keygen -l -f ~/.ssh/id_ed25519.pub
256 SHA256:... (ED25519)
```

Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà á sọ pé 3072 ju 256 lọ fíìfíì, pé RSA ló lágbára. Bẹ́ẹ̀, agbára kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Kí èyí tó lè yéni, ó yẹ ká mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣe gan-an.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ló máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ti àṣírí á wà lórí láptọ́ọ̀pù oníṣẹ́, ti gbangba ni wọ́n á kọ sínú fáìlì `~/.ssh/authorized_keys` lórí sáfà. Bí oníṣẹ́ bá fẹ́ wọlé, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ á fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí buwọ́ lu ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ ti ìwọlé yẹn nìkan, sáfà á sì fi kọ́kọ́rọ́ gbangba yẹ ìbuwọ́lù náà wò. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí kì í kúrò níbi tó wà. Kì í ṣe òun náà ló ń fi ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ pamọ́. Kọ́kọ́rọ́ ìgbà díẹ̀ mìíràn, tí ẹ̀rọ méjèèjì jọ ń fúnra wọn ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwọlé kọ̀ọ̀kan, ló ń ṣe ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó ń yan láàárín RSA àti Ed25519 kò yan bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe yá tó. Irú ìbuwọ́lù tí yóò máa ṣe ló ń yàn, àti sáfà tí yóò gbà á, àti ọ̀nà tí ó lè gbà bàjẹ́.

Ọdún 1977 ni Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman gbé RSA kalẹ̀ ní MIT lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ bàbá wọn ló sì di orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà ńláńlá méjì ló wà nídìí kọ́kọ́rọ́ RSA kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí nọ́ńbà mìíràn kò lè pín dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Wọ́n á sọ méjèèjì di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, èsì rẹ̀ á wà ní gbangba, nọ́ńbà méjèèjì á sì wà ní àṣírí. Ó dà bí iyọ̀ tó ti wọnú ọbẹ̀: dídà á sí i kò ṣòro, yíyọ ọ́ jáde ni iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà ṣòro lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣirò ti rí ọ̀nà àbùjá tó mú kó rọrùn ju kí èèyàn máa dán nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àwọn olùwádìí kan kéde pé àwọn ti tú nọ́ńbà RSA tó gùn tó bíìtì 829. Bí ó bá jẹ́ ojú ìṣirò kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà ló dá a ṣe, iṣẹ́ náà ìbá gbà á ní nǹkan bíi 2,700 ọdún. Nítorí ọ̀nà àbùjá yìí ni kọ́kọ́rọ́ RSA fi gbọ́dọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Bíìtì 2048 ṣì ń gba ara rẹ̀ là, ṣùgbọ́n 3072 ló bá agbára tí wọ́n kà sí ti òde òní dọ́gba, ìyẹn ni pé olè yóò ní láti ṣe ìṣirò tó tó 2^128 kó tó rí i tú. Ẹni tó lọ sí 4096 rí agbára díẹ̀ kún un, kò rí ìlọ́po kankan.

Ti ìlà títẹ̀ yàtọ̀. Neal Koblitz àti Victor Miller ló dábàá rẹ̀ lọ́dún 1985, kálukú lọ́tọ̀, láìjẹ́ pé wọ́n jọ sọ ọ́. Ojú àmì kan wà lórí ìlà náà tí gbogbo ayé mọ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ á mú nọ́ńbà àṣírí kan, á fo láti ojú àmì yẹn ní iye ìgbà tí nọ́ńbà náà sọ, ibi tó bá balẹ̀ sí ni kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀. Ẹni tó rí ibi tó balẹ̀ sí kò lè mọ iye ìgbà tó fò. Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì rí ọ̀nà àbùjá fún àwọn ìlà títẹ̀ tí wọ́n yàn dáadáa. Ọ̀nà tó dára jù tí wọ́n mọ̀ gba iṣẹ́ tó jẹ́ gbòǹgbò iye nọ́ńbà tó ṣeé mú. Bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ bíìtì 256, gbòǹgbò yẹn jẹ́ nǹkan bíi 2^128. Ibẹ̀ ni 256 ti ìlà títẹ̀ ti bá 3072 ti RSA pàdé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ìlọ́po méjì bíìtì agbára yẹn, 512 ló nílò lórí ìlà títẹ̀. Lórí RSA, 15360 ni.

Ìyàtọ̀ ìwọ̀n yìí hàn sójú. Odindi kọ́kọ́rọ́ gbangba Ed25519 jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 68 lẹ́yìn orúkọ irú rẹ̀, ó gba orí ìlà kan nínú fáìlì, èèyàn sì lè kà á fún ẹlòmíràn lórí fóònù bí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀. Ti RSA onítóbi 4096 jẹ́ 716, ó sì máa ń já sí méjì bí wọ́n bá ṣe é lẹ̀ mọ́ ibi tí kò gba ìlà gígùn. Ìlà tó já bẹ́ẹ̀ kò ní ṣí nǹkan kan, sáfà kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó ń kàn ilẹ̀kùn.

Irú méjì ni kọ́kọ́rọ́ ìlà títẹ̀ tí `ssh` mọ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. ECDSA ló kọ́kọ́ dé, nínú OpenSSH 5.7 lọ́dún 2011, lórí àwọn ìlà títẹ̀ tí àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà yàn: `nistp256`, `nistp384` àti `nistp521`. Ed25519 tẹ̀ lé e nínú ẹ̀dà 6.5 lọ́dún 2014. Daniel Bernstein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, nọ́ńbà 2^255 - 19 tí gbogbo ìṣirò rẹ̀ dúró lé ló sì bí orúkọ náà.

Ìṣòro ECDSA wà nínú ìbuwọ́lù rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ buwọ́ lu nǹkan, ó gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá lo nọ́ńbà kan náà fún ìbuwọ́lù méjì, ẹni tó rí méjèèjì lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kó pín in, kó sì rí nọ́ńbà náà; láti ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àṣírí kò jìnnà mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010, àwọn kan fi hàn níbi ìpàdé kan nílùú Bẹ̀líìnì pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Sony ń lò ní gbogbo ìgbà láti buwọ́ lu ètò ẹ̀rọ ìṣeré PlayStation 3, kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ aráyé.

Kò tilẹ̀ di dandan kí nọ́ńbà náà jẹ́ ọ̀kan náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Fabian Bäumer àti Marcus Brinkmann ti Yunifásítì Ruhr ní Bochum lórílẹ̀-èdè Jámánì kéde àléébù kan nínú PuTTY, ètò tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Windows fi ń ṣe `ssh`. Àwọn tó kọ PuTTY kò gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí Windows ń pèsè láyé àtijọ́, wọ́n sì ní kí ètò wọn fúnra rẹ̀ ṣírò nọ́ńbà náà láti inú kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀rọ̀ tó fẹ́ buwọ́ lù. Èrò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n bíìtì 512 ni ìṣirò wọn ń mú jáde, bẹ́ẹ̀ `nistp521` nílò 521. Bíìtì mẹ́sàn-án tó wà níwájú wá di òdo ní gbogbo ìgbà. Òdo mẹ́sàn-án yẹn, nínú ìbuwọ́lù bíi 60, tó láti tú kọ́kọ́rọ́ náà síta. Sáfà tí olè ti gbà lè kó ìbuwọ́lù tó bẹ́ẹ̀ jọ láìsí wàhálà. Ẹ̀dà 0.68 títí dé 0.80 ni ọ̀ràn náà kàn, 0.81 sì tún un ṣe, àmọ́ títún ètò ṣe kò tún kọ́kọ́rọ́ ṣe: gbogbo kọ́kọ́rọ́ `nistp521` tí wọ́n ti lò lórí àwọn ẹ̀dà yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ nù.

Ed25519 náà ń ṣírò nọ́ńbà rẹ̀ láti inú kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀rọ̀, bíìtì 512 kan náà ló sì ń mú jáde. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àyè tó fẹ́ tẹ́ ẹ sí kò ju bíìtì 253 lọ, nítorí náà ó kún dẹ́nu, kò sí òdo kankan tí yóò tú àṣírí. Inú ìlànà rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ èyí sí, wọn kò fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ètò láti ronú sí. Ìdí pàtàkì tí ó fi yẹ kí ènìyàn gbé Ed25519 ṣáájú ECDSA nìyí. Àwọn kan tún máa ń sọ pé ìjọba Amẹ́ríkà lè ti fi nǹkan pamọ́ sínú àwọn ìlà NIST. Kò sí ẹni tó tíì fi ẹ̀rí ìyẹn hàn, kò sì yẹ kí ó jẹ́ òun ni yóò mú ẹnikẹ́ni pinnu.

RSA ní tirẹ̀ kì í nílò nọ́ńbà tuntun bẹ́ẹ̀ fún ìbuwọ́lù `ssh`. Ewu tirẹ̀ wà ní ọjọ́ tí wọ́n bí kọ́kọ́rọ́. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí rí i pé ìlànà tí ẹ̀rọ kékeré kan láti ilé-iṣẹ́ Infineon fi ń wá nọ́ńbà méjèèjì ti sọ wọ́n di ohun tí kò ṣòro wá rí mọ́. Ṣùgbọ́n `ssh-keygen` kì í gba ọ̀nà yẹn, kọ́kọ́rọ́ RSA tí ó bá sì ṣe lórí láptọ́ọ̀pù òde òní kò ní àléébù kankan tí èèyàn mọ̀.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń sọ káàkiri pé wọ́n ti lé RSA dànù? Orúkọ ló dá ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó buwọ́ lu ọ̀rọ̀, ó máa ń kọ́kọ́ fún un pọ̀ di àmì kúkúrú kan, àmì náà ló ń buwọ́ lù. Nígbà àtijọ́, ìlànà ìfúnpọ̀ tí wọ́n ń pè ní SHA-1 ni RSA inú `ssh` ń lò, `ssh-rsa` sì ni orúkọ tí wọ́n fún kọ́kọ́rọ́ náà àti fún ìbuwọ́lù náà pa pọ̀. Lọ́dún 2017, ilé-iṣẹ́ Google àti àwọn olùwádìí CWI ní Amsterdam ṣe fáìlì méjì tó yàtọ̀ síra, tí SHA-1 fún pọ̀ sí àmì kan náà. Nígbà tó fi máa di 2020, owó tí kò tó dọ́là 50,000 ti tó láti ṣe irú rẹ̀ tó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbuwọ́lù tó dúró lé SHA-1 kò ṣeé fọkàn tán mọ́, OpenSSH 8.8 sì dáwọ́ gbígbà á dúró ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021.

Kọ́kọ́rọ́ RSA fúnra rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Láti ẹ̀dà 7.2 lọ́dún 2016 ni OpenSSH ti mọ ìbuwọ́lù tuntun méjì, `rsa-sha2-256` àti `rsa-sha2-512`, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kan náà ló sì ń ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ `ssh-rsa` ṣì wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ́kọ́rọ́ gbangba. Kò túmọ̀ sí pé SHA-1 ló ń lò. Nítorí náà, ẹni tí sáfà tuntun lé padà, tó wá lọ ṣe kọ́kọ́rọ́ RSA tuntun, wàhálà lásán ló ṣe. Ètò tó ń lò lórí láptọ́ọ̀pù ló ti gbó. PuTTY, fún àpẹẹrẹ, kò mọ ìbuwọ́lù tuntun yìí títí di ẹ̀dà 0.75. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ sáfà, ohun tí alábòójútó yóò rí ni `key type ssh-rsa not in PubkeyAcceptedAlgorithms`.

Ọ̀ràn tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni ti ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí sáfà rẹ̀ sì ti darúgbó. Ká sọ pé Ubuntu 22.04 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù, pẹ̀lú OpenSSH 8.9. Sáfà méjì ló ní láti tọ́jú. Èkíní jẹ́ ti òde òní. Èkejì ṣì wà lórí CentOS 6, tí wọ́n ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró láti ìparí ọdún 2020, ṣùgbọ́n tí ètò ìṣírò owó ilé-iṣẹ́ kan kò tíì kúrò lórí rẹ̀. Fún èkíní, ó tẹ àṣẹ yìí, `-a 100` inú rẹ̀ sì ń mú kó pẹ́ kí olè tó jí fáìlì náà tó lè méfò ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà lórí rẹ̀:

```
ssh-keygen -t ed25519 -a 100 -C "laptopu-ise"
```

Ó kọ kọ́kọ́rọ́ gbangba náà sórí sáfà méjèèjì. Èkíní ṣí. Èkejì kò jẹ́ kó dé ibi kọ́kọ́rọ́ rárá:

```
Unable to negotiate with 192.0.2.10 port 22: no matching
host key type found. Their offer: ssh-rsa,ssh-dss
```

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ni pé sáfà náà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tó fi ń fi ara rẹ̀ hàn, SHA-1 ló sì mọ̀ fún ìbuwọ́lù, láptọ́ọ̀pù sì kọ̀ ọ́. Bí ó bá tẹ `ssh -v`, ọ̀kan nínú àwọn ìlà àkọ́kọ́ yóò sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: `remote software version OpenSSH_5.3`. Ẹ̀dà 5.3 ti wà kí ECDSA àti Ed25519 tó dé, ìlà Ed25519 tó wà nínú `authorized_keys` ibẹ̀ kò nítumọ̀ sí i. Kódà bí ó bá gba kọ́kọ́rọ́ sáfà náà wọlé, tó sì fi RSA rọ́pò Ed25519, `-v` yóò tún mú ìdènà kejì jáde, `no mutual signature algorithm`, nítorí láptọ́ọ̀pù kò ní buwọ́ lù ú pẹ̀lú SHA-1.

Ọ̀nà àbáyọ tó dára jù ni kí wọ́n gbé ètò ìṣírò owó náà kúrò lórí ẹ̀rọ tó ti darúgbó yẹn. Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, ó lè ṣe kọ́kọ́rọ́ RSA kan tí kò ní lò níbòmíràn, kó sì ya àyè sọ́tọ̀ fún sáfà náà nìkan nínú `~/.ssh/config`:

```
Host safa-atijo
    HostName 192.0.2.10
    IdentityFile ~/.ssh/id_rsa_atijo
    IdentitiesOnly yes
    HostKeyAlgorithms +ssh-rsa
    PubkeyAcceptedAlgorithms +ssh-rsa
```

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn kọ ìlà méjì tó gbẹ̀yìn yẹn sábẹ́ `Host *`. Wàhálà á dópin lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba SHA-1 lọ́wọ́ gbogbo sáfà tó bá bá pàdé, kò sì sí ohun tí yóò rán an létí lọ́jọ́ tí sáfà àtijọ́ bá kúrò.

Yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó ti gbó, ìwọ̀nba ibi díẹ̀ ló ṣì ń fi ipá mú èèyàn yan nǹkan mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà FIPS ti Amẹ́ríkà kò lè lo Ed25519 tẹ́lẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2023 ni FIPS 186-5 tó gbà á wọlé, ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n ti fọwọ́ sí ṣáájú àkókò náà ṣì ń kọ̀ ọ́. RSA 3072 ni wọ́n á lò níbẹ̀. Bákan náà, àwọn kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà, tí OpenSSH 8.2 bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́dún 2020, kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ `ed25519-sk`. Fún èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, `ecdsa-sk` ló kù, kò sì burú níbẹ̀, nítorí pé inú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà nìkan ni nọ́ńbà tuntun ti ń jáde. Ní ti kọ̀ǹpútà kúántọ́ọ̀mù, tó lè fọ́ irú méjèèjì lọ́jọ́ tí ó bá tóbi tó, kò fi ẹnì kan ṣe ju ẹnì kejì lọ.

Ẹni tó fẹ́ kúrò lórí RSA lọ sí Ed25519 kò gbọdọ̀ pa ìlà àtijọ́ rẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Kí ó ṣí ojú fèrèsé kan tó ti wọ sáfà náà sílẹ̀, kí ó fi `ssh-copy-id -i ~/.ssh/id_ed25519.pub` kọ ìlà tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, kí ó wá gbìyànjú láti wọlé látinú fèrèsé mìíràn pẹ̀lú `ssh -v`. Wíwọlé nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ lè ti bá a ṣílẹ̀kùn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ìlà tó ń wá ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Server accepts key`, tí orúkọ `id_ed25519` sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti rí i, ó lè padà sí fèrèsé àkọ́kọ́, kí ó ṣí `authorized_keys`, kí ó sì pa ìlà RSA rẹ́.